Ọjọ́ ìbí mẹ́rin fún oyún kan: èwo ni ká dì mú?

*“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2025 ni mo rí nǹkan oṣù mi gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n tèmi kì í dúró sójú kan: nígbà mìíràn ọjọ́ 35, nígbà mìíràn ọjọ́ 40. Nọ́ọ̀sì ṣírò rẹ̀, ó ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ni màá bí. Áàpù orí fóònù mi ní ọjọ́ 15. Síkáànù tí mo ṣe lọ́jọ́ 19 oṣù karùn-ún ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá. Èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá tún wá ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní. Èwo ni kí n dì mú?”*

Ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ni kí ẹ dì mú. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì yín, kí ẹnikẹ́ni má sì tún yí i padà mọ́. Kò sí ẹni tó parọ́ fún yín nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí kálukú wọn kà ló yàtọ̀ síra, tí a bá sì tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé ọjọ́ 25 ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ìkẹyìn yọ la ti ń ka oyún. A kì í kà á láti ọjọ́ tó dá, a kì í sì í kà á láti ọjọ́ tí ọkọ àti aya pàdé. Ìdí rẹ̀ ni pé obìnrin lè fojú rí ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó sì sàmì sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí ìgbà tí ẹyin jáde. Láti ọjọ́ yẹn, a ka ọjọ́ 280, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40 géérégé. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni kò tíì sí ọmọ kankan nínú ilé ọmọ. Ọjọ́ 266 ni ọmọ fúnra rẹ̀ ń lò, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí àtọ̀ bá ti pàdé ẹyin.

Láti má fi ìka ka ọjọ́ 280, àwọn agbẹ̀bí ń lo ọ̀nà àbùjá kan tí wọ́n fi orúkọ dókítà ará Jámánì kan, Franz Naegele, pè. Ẹ fi ọjọ́ 7 kún ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ oṣù 3 kúrò, kí ẹ sì bọ́ sí ọdún tó tẹ̀ lé e bó bá yẹ. Tiyín rèé: 10 àti 7 jẹ́ 17. Tí a bá ti oṣù kẹta padà sẹ́yìn ní oṣù mẹ́ta, oṣù kejìlá la ó bá. Ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 2025. Nọ́ọ̀sì ò ṣìṣe.

Áàpù náà ò ṣìṣe. Ní tirẹ̀, ó ka ọjọ́ 280 náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 15. Ọjọ́ méjì tó fi yàtọ̀ sí ti nọ́ọ̀sì wá láti ara àwọn oṣù tí gígùn wọn kò dọ́gba. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹta dé ọjọ́ 10 oṣù kejìlá jẹ́ ọjọ́ 275. Ẹ fi 7 kún un, ó di 282. Ká ní oṣù kẹfà ni nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀nà àbùjá yẹn ì bá bọ́ sí 280 gan-an, ẹnu nọ́ọ̀sì àti ti fóònù ì bá sì kò. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìyàtọ̀ ọjọ́ kan tàbí méjì láàárín ìṣirò ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ, tàbí ti páálí roboto tí wọ́n ń yí ní kíláínì, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín. Ọjọ́ 15 ni màá lò láti ibí lọ, torí òun ló jẹ́ 280 pérépéré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti le ni pé gbogbo ìṣirò yìí gbà pé ọjọ́ 28 ni nǹkan oṣù obìnrin ń yí po, àti pé ẹyin ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Apá méjì ni ìyípo nǹkan oṣù ní. Apá kejì, láti ìgbà tí ẹyin jáde títí di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mìíràn dé, kì í sábà jìnnà sí ọjọ́ 14, yálà ìyípo gùn tàbí ó kúrú. Apá àkọ́kọ́, tí ẹyin ń gbó, ló ń nà tàbí tó ń súnkì. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 35, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni ẹyin rẹ̀ ń jáde. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 40, ó di nǹkan bí ọjọ́ 26. Oyún àwọn méjèèjì kéré sí iye tí kálẹ́ńdà sọ, torí pé ẹyin pẹ́ kó tó jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: ẹ yọ 28 kúrò nínú gígùn ìyípo yín, kí ẹ fi iye tó kù kún ọjọ́ ìbí. 35 dín 28 jẹ́ 7, ọjọ́ 15 á di ọjọ́ 22. 40 dín 28 jẹ́ 12, ọjọ́ 15 á di ọjọ́ 27. (Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 24 á yọ ọjọ́ 4 kúrò ni.) Kí ẹ tó rí ẹ̀rọ síkáànù sójú rárá, ìtàn nǹkan oṣù yín fúnra rẹ̀ ti sọ pé àárín ọjọ́ 22 sí 27 oṣù kejìlá ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sí i.

Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń da ọjọ́ nǹkan oṣù rú, bí kò tilẹ̀ jẹ́ tiyín. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó máa ń kán nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ ni àwọn kan ń kà sí nǹkan oṣù. Ó sábà máa ń fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọjọ́ rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń mú kí oyún dà bí ẹni pé ó fi nǹkan bí oṣù kan kéré sí bó ṣe jẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró, àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹyin wọn lè jáde nígbàkigbà, ọjọ́ tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ kò sì wúlò púpọ̀ fún ìṣirò. Àwọn mìíràn ń ka ọjọ́ tí nǹkan oṣù parí dípò ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá sọ pé “bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù” tàbí “bí àárín oṣù” ni, kí ẹni tó ń ṣírò tètè mọ̀ pé àfojúbù ni wọ́n ń fún un.

Ó kan síkáànù oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ náà, bí a bá ka kálẹ́ńdà láti ọjọ́ 10 oṣù kẹta, oyún yín pé ọjọ́ 70, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 10. Ọjọ́ 25 oṣù kejìlá tí ẹ̀rọ fún yín túmọ̀ sí pé ọjọ́ 60 ni ẹ̀rọ rí, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 8 àti ọjọ́ 4. Ẹ wo ìwé èsì náà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ `CRL` sí. Iye tó wà níwájú rẹ̀ yẹ kó sún mọ́ 20 mm. Gígùn ọmọ láti òkè orí dé ìdí ni, kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó gùn tó 20 mm jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 àti nǹkan bí ọjọ́ 4. Tó bá jẹ́ 30 mm, ó sún mọ́ ọ̀sẹ̀ 10. Tó bá jẹ́ 45 mm, ó ti lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 11. Ní àkókò yìí, ọmọ ń fi nǹkan bí mìlímítà kan gùn lójúmọ́.

Ohun tó mú kí gígùn yìí ṣeé gbára lé ni pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ ẹni gíga àti ọmọ ẹni kúkúrú ń dàgbà bákan náà. Ìdílé kò tíì fi ara hàn lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ibi ọmọ kò tíì ní agbára láti bọ́ ọ̀kan yó kó sì febi pa èkejì. Nítorí náà, bí a bá ti mọ gígùn ọmọ, a mọ ọjọ́ orí rẹ̀, àṣìṣe tó lè wà níbẹ̀ kò sì ju ọjọ́ 5 sí 7 lọ síwájú tàbí sẹ́yìn. Kò sí ìgbà mìíràn nínú oyún tí ẹ̀rọ náà á tún mọ ọjọ́ orí ọmọ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ẹ̀rọ yàtọ̀ sí kálẹ́ńdà ká kàn ju kálẹ́ńdà nù. Bí ìyàtọ̀ bá kéré ju àṣìṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ, kálẹ́ńdà tó dáni lójú ló lẹ́tọ̀ọ́. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017 ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé. Bí kálẹ́ńdà bá sọ pé oyún kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 9, a ó yí ọjọ́ padà kìkì bí ìyàtọ̀ bá ju ọjọ́ 5 lọ. Láti ọ̀sẹ̀ 9 títí dé ọ̀sẹ̀ 15 àti ọjọ́ 6, ó gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń fẹ̀ sí i: ju ọjọ́ 10 lọ títí dé òpin ọ̀sẹ̀ 21, ju ọjọ́ 14 lọ títí dé òpin ọ̀sẹ̀ 27, àti ju ọjọ́ 21 lọ láti ọ̀sẹ̀ 28. Ìdí tó fi ń fẹ̀ ni pé àṣìṣe ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i bí ọmọ ti ń dàgbà.

Tiyín: 70 dín 60 jẹ́ ọjọ́ 10. Ó ju 7 lọ, nítorí náà ọjọ́ yí padà. Ká ní ọjọ́ 6 péré ni ìyàtọ̀, tó sì jẹ́ pé nǹkan oṣù yín kì í yẹ̀ lórí ọjọ́ 28, ọjọ́ 15 ni ì bá dúró. Ẹ̀yin lè ṣe ìṣirò tó kù fúnra yín: 280 dín 60 jẹ́ 220. Ẹ ka ọjọ́ 220 láti ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ọjọ́ 25 oṣù kejìlá lẹ ó bá a. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ọjọ́ 25 yìí bọ́ sí àárín 22 àti 27 tí ìyípo yín ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì tí wọn ò mọ ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Síkáànù àkọ́kọ́ náà lè ṣi ni lọ́nà o. Bí ọmọ bá ká ara kò nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, á kúrú. Bí ó bá na ọrùn sẹ́yìn, á gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n bá ká àpò kékeré roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mọ́ ọn, tàbí tó fi ẹsẹ̀ kún un, ọjọ́ orí á gòkè lórí irọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sì mú àárín rẹ̀. Bí àwòrán bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wò ó: àmì méjì náà gbọ́dọ̀ wà ní òkè orí àti ní ìsàlẹ̀ ìdí, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ hàn látòkè délẹ̀. Síkáànù tó yá jù pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀. Bí wọ́n bá rí àpò oyún nìkan, tí ọmọ kò tíì hàn, kí wọ́n má fi fífẹ̀ àpò náà dá ọjọ́ ìbí. Kí wọ́n ní kí ẹni náà padà wá lẹ́yìn bí ọjọ́ 10 sí 14. Bí gígùn ọmọ bá sì ti kọjá 84 mm, ó ti ń ká jù láti wọ̀n ní òró. Orí rẹ̀ ni wọ́n á máa wọ̀n láti ìgbà náà.

Èyí tí ẹ ṣe lóṣù kẹwàá ló yẹ kí n pẹ́ lórí rẹ̀, torí òun ló máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Bí a bá di ọjọ́ 25 oṣù kejìlá mú, oyún yín pé ọ̀sẹ̀ 30 gééré lọ́jọ́ 16 oṣù kẹwàá. Ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ 28 àti ọjọ́ 4 ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Ó wọn orí ọmọ, ó wọn ìbú ikùn rẹ̀, ó wọn egungun itan, ó wá bi ara rẹ̀ pé: ọmọ tó tóbi tó báyìí, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ó sábà máa ń jẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ 28 àti ọjọ́ 4. Ìtóbi ọmọ ló sọ fún yín, kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní oṣù keje, ọmọ kan ti lè tóbi torí ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, òmíràn lè kéré torí pé àwọn òbí rẹ̀ kéré lára, òmíràn sì lè kéré torí ibi ọmọ kò bọ́ ọ yó. Ẹ̀rọ kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn, ọjọ́ orí kan náà ló máa pè wọ́n.

Ìyàtọ̀ ọjọ́ 10 ní ọ̀sẹ̀ 30 kò tó ohun tí a fi ń yí ọjọ́ padà. Kódà ká ní ó tó, ọjọ́ tí a bá ti fi síkáànù oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dá, síkáànù ẹ̀yìn kì í yí i. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fi ọjọ́ 4 oṣù kìíní rọ́pò rẹ̀ lórí káàdì. Àkọ́kọ́, ọmọ tó fi ọjọ́ 10 kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá dà bí ọmọ tó ṣe déédéé, kò sì ní sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó mú kó kéré. Èkejì, ọ̀sẹ̀ 42 á sún sí ọjọ́ 18 oṣù kìíní. Lọ́jọ́ yẹn, oyún yín á ti pé ọ̀sẹ̀ 43 àti ọjọ́ 3, nígbà tó jẹ́ pé àárín ọ̀sẹ̀ 41 sí 42 ni àwọn dókítà ti máa ń fẹ́ mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀, kí ibi ọmọ má baà gbó jù.

Bí wọ́n bá sì padà sí ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, wàhálà á gba ọ̀nà kejì. Bí iṣẹ́ abẹ bá wà tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọ̀sẹ̀ 39, ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ni wọ́n á dá fún yín. Ọ̀sẹ̀ 37 àti ọjọ́ 4 péré lọmọ jẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde ní irú àkókò yẹn sì máa ń ní ìṣòro mímí ju èyí tó pé ọ̀sẹ̀ 39 lọ.

Nítorí náà, ẹ má sọ èsì oṣù kẹwàá nù. Ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn. Ẹ gbé e lọ fún dókítà yín, kí ẹ ní kí ó wo ìwọ̀n ọmọ náà bí ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 gééré. Nínú 100 ọmọ ọ̀sẹ̀ 30, bí a bá tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù, ipò kélòó ni ọmọ yín wà? Bí ó bá kéré ju ìkẹwàá lọ, tàbí bí ìbú ikùn rẹ̀ nìkan bá lọ sílẹ̀ ju orí lọ, wọ́n á fẹ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú okùn ìwọ́ rẹ̀. Bí ó bá ju ìkẹwàá lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tó kéré lára lásán ni. Síkáànù mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 ló máa là á: bí ọmọ bá ń dàgbà ní ìwọ̀n tirẹ̀, tó dúró sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀, ọkàn á balẹ̀, bí ó bá ń já wálẹ̀, àbójútó á pọ̀ sí i. Kó má yá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, torí láàárín àkókò kúkúrú, àṣìṣe ìwọ̀n lè tóbi ju ìdàgbà ọmọ lọ.

Kí ẹ tó dùbúlẹ̀ fún síkáànù yẹn, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ni wọ́n ti dá fún yín, láti ara síkáànù ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún. Ó lè tẹ ọjọ́ náà sínú ẹ̀rọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á tún gbé ọjọ́ tuntun jáde. Lórí ọ̀pọ̀ ìwé èsì, ẹ ó rí `EDD(LMP)`, èyí tí ẹ̀rọ ṣírò láti ara ọjọ́ nǹkan oṣù tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀, àti `EDD(AUA)`, èyí tó fà yọ láti ara ìtóbi ọmọ lọ́jọ́ náà. Kò sí èyí tó jẹ́ ọjọ́ yín nínú méjèèjì. Ọjọ́ `AUA` á máa yí padà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀.

Fún àwọn tí wọn kò rí síkáànù ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: títí di ìparí ọ̀sẹ̀ 21, ìwọ̀n orí ọmọ ṣì lè dá ọjọ́ náà dáadáa, àṣìṣe rẹ̀ sún mọ́ ọjọ́ 10. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì pé ọjọ́ náà kò dájú, kí wọ́n sì tún síkáànù ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 láti wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ẹni tí wọ́n gbé oyún sí nínú ní ilé ìwòsàn kò nílò gbogbo èyí rárá. Bí ó bá jẹ́ oyún ọlọ́jọ́ 5 ni wọ́n gbé sí i, ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí i ló máa fi 261 kún.

Lórí káàdì yín, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: ọjọ́ ìbí 25/12/2025, láti ara `CRL` ọjọ́ 19/05/2025, kí wọ́n sì kọ iye mìlímítà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ara rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 37 bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù kejìlá. Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú yín déédéé tàbí omi bá ya ṣáájú ọjọ́ náà, oyún tí kò tíì pé ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 41 bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù kìíní. Bí ẹ kò bá tíì bí nígbà náà, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà níwájú dókítà, kí ẹ jọ dá ọjọ́ tí wọ́n máa mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 8.